Lẹ́tà Kan Láti Ajah

Nínú gbogbo ìwé tí olùdarí fíìmù ń kó jọ nígbà tí ó bá fẹ́ tọrọ àyè sí rẹ́sídẹ́ńsì, lẹ́tà ni ó kúrú jù, òun náà ni ó sì máa ń pẹ́ jù lọ́wọ́ mi. Ojú ìwé kan ni wọ́n sábà máa ń fẹ́, méjì bí ó bá pọ̀. Mo ti bá àwọn tí ń ṣa irú ìwé bẹ́ẹ̀ jókòó rí, mo sì ti ka lẹ́tà àwọn ọ̀dọ́ olùdarí láti Èkó, Àkúrẹ́, Kútọnu àti Àkírà. Ní báyìí, èmi fúnra mi ni mo tún ń kọ ọ̀kan, nítorí fíìmù gígùn mi kejì tí ó ṣì wà lórí ìwé. Ọ̀pọ̀ ń fi lẹ́tà yìí yangàn, wọ́n ń to gbogbo ohun tí fíìmù wọn mọ̀ síbẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí fíìmù náà kò tí ì mọ̀ ni lẹ́tà wà fún.

Ẹni tí kò bá sí nínú iṣẹ́ yìí lè bi mí pé kí ni ń jẹ́ rẹ́sídẹ́ńsì. Ibùdó ni, níbi tí wọ́n ti ń fún oníṣẹ́ fíìmù ní yàrá, owó oúnjẹ, àgbà tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà, àti àkókò tí yóò fi jókòó ti ìwé eré rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń sáré kiri nítorí owó ilé. Èyí tí àjọ̀dún Cannes dá sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 2000 ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ jù. Oṣù mẹ́rin àtààbọ̀ ni. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí fíìmù gígùn wọn àkọ́kọ́ tàbí ìkejì ni wọ́n ń gbà, wọn kì í sì í gba ènìyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ ni Nadine Labaki, ọmọ Lẹ́bánónì, ti ṣiṣẹ́ lórí ìwé eré Caramel. Ibẹ̀ náà ni Rungano Nyoni, tí wọ́n bí ní Zambia, gbé I Am Not a Witch lọ kí ó tó jáde ní 2017.

Ti Venice, tí wọ́n ń pè ní Biennale College, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 2012 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Owó ni wọ́n ń fún fíìmù tí wọ́n bá yàn níkẹyìn, 150,000 yúrò ni ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì fẹ́ kí fíìmù náà ti parí kí àjọ̀dún tí ń bọ̀ tó dé. Ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ hàn nínú lẹ́tà. Paris fẹ́ gbọ́ pé ìwé eré rẹ nílò àkókò. Venice fẹ́ gbọ́ pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó, àti pé owó kékeré tó o láti yà á. Ẹni tí ó bá fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí méjèèjì, ó dájú pé ọ̀kan nínú wọn kò ní bá ohun tí ó ń wá nínú rẹ̀.

Lẹ́tà kì í sì í dá rìn. Ìtàn ní kúkúrú máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò sì gbọdọ̀ fi òpin pamọ́. Tírítímẹ́ǹtì náà máa ń wà, tí ó ń sọ ìtàn yẹn ní kíkún, ìran lẹ́yìn ìran. Àlàyé olùdarí wà, níbi tí a ti ń sọ bí fíìmù náà yóò ṣe rí lójú àti bí yóò ṣe dún létí. Bí a bá wo àwọn ìwé wọ̀nyí dáadáa, a ó rí i pé wọ́n ti gba gbogbo iṣẹ́ ṣe tán, àfi ẹyọ kan. Kò sí èyí tó sọ ìdí tí iṣẹ́ yìí fi nílò ilé yìí ní ọdún yìí. Iṣẹ́ lẹ́tà nìyẹn. Nígbà tí mo bá ń ka lẹ́tà tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ìtàn fíìmù, mo mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ kò tí ì rí èsì ìbéèrè yẹn, ó kàn ń fi ìtàn dí àyè ni.

Fíìmù tèmi bẹ̀rẹ̀ ní Maroko. Ìlú òṣìṣẹ́, káfíńtà, apẹja àti oníṣòwò kéékèèké ni Maroko, ní ẹ̀gbẹ́ Victoria Island, níbi tí ilẹ̀ Lekki ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Raji Rasaki kéde pé kí wọ́n kó kúrò láàrin ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, katapílà wọlé. Iye tí wọ́n sábà ń dá ni pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ilé bọ́ mọ́ lórí. Díẹ̀ nínú àwọn tí ìjọba gbà pé wọ́n jẹ́ onílé ni wọ́n kó lọ sí fúláàtì ìjọba tí kò tí ì parí ní Ilasan àti Ikota, lójú ọ̀nà tí ó gba Ajah lọ sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn yòókù wá ibi tí wọ́n gbé orí lé.

Nínú fíìmù náà, ìyá kan tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún ń gbé fúláàtì kan ní Ilasan. Ẹja yíyan ni ó ń tà ní ọjà Ajah, ọwọ́ àwọn apẹja Ègùn tí ń gbé etí ọ̀sà ni ó sì ti ń rà á láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti wà lẹ́yìn. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n kó kúrò ní Maroko, ọkùnrin náà tú ilẹ̀kùn ilé wọn kúrò lára férémù, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló kàn án, ó sì gbé e sórí ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù. Ilẹ̀kùn náà kò bá férémù kankan mu ní fúláàtì Ilasan. Ara ògiri pálọ̀ ni ó fara tì láti ìgbà náà, kò ṣí sí ibì kankan. Ọkọ ti kú. Ọmọ wọn ọkùnrin, tí wọ́n bí ní Ilasan, ti di èjẹ́ńtì ilé. Ẹni tí ó bá ti rẹ́ǹtì ilé ní agbègbè yìí mọ̀ wọ́n: ìdá mẹ́wàá owó ilé fún èjẹ́ńtì, owó àgírímẹ́ǹtì lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti kúrò ní ti rẹ́ǹtì, ilẹ̀ ni ó ń tà báyìí. Ní ọjọ́ kan, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X sára ilé àwọn apẹja tí ń tajà fún ìyá rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni ó ń wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ náà, tí yóò da yanrìn ọ̀sà sí i, tí yóò sì pín in ní púlọ́ọ̀tì.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ lẹ́tà mi nìyí, bí mo ṣe kọ ọ́ títí di ìsinsìnyí: "Ìyá kan tí wọ́n wó ilé rẹ̀ ní Maroko ní 1990 rí i pé ọmọ òun ni ó ń ta ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ àwọn apẹja tí wọ́n fi ẹja wọn bọ́ ọmọ náà dàgbà." Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á mọ ẹni tí ó ni fíìmù, ohun tí ó dé bá a, àti ibi tí ẹran ti há a léyín, kí ó tó dé ibi ìdánudúró àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí mo kà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oríyìn: ẹ jẹ́ àjọ̀dún ńlá, iyì ni yóò jẹ́ fún mi, láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn sinimá. Àwọn tí ń kà á mọ̀ pé àjọ̀dún àwọn tóbi. Lẹ́tà bí igba lè wà níwájú wọn lọ́sẹ̀ náà. Ìlà mẹ́ta tí a fi yìn wọ́n jẹ́ ìlà mẹ́ta tí wọn kò fi mọ nǹkan kan nípa rẹ.

Lẹ́yìn gbólóhùn yẹn, mo sọ ibi tí iṣẹ́ dé. Ìwé eré wà, ojú ìwé bí ọgọ́rùn-ún, èyí tí ó túmọ̀ sí fíìmù bíi wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú, nítorí ojú ìwé kan ni a máa ń ṣírò sí ìṣẹ́jú kan. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dúró ṣinṣin. Òpin rẹ̀ wà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Àárín ni kò dúró. Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń bẹ̀rù láti kọ irú èyí. Wọ́n rò pé bí àwọn bá sọ pé ìwé eré àwọn kò tí ì pé, wọn kò ní mú àwọn. Wọ́n á wá kọ ọ́ pé ó ti parí pátápátá. Ó ti parí, kí ni wọ́n tún fẹ́ gbé yàrá fún ọ oṣù mẹ́rin sí? Ẹni tó ń ṣa ìwé yóò ka ojú ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́ ìwé eré náà, yóò rí i pé kò parí, lẹ́yìn náà kò tún ní gba ohun tí lẹ́tà sọ gbọ́ mọ́.

Ìpínrọ̀ kẹta ni ọkàn lẹ́tà náà, òun ni mo sì ń tún kọ láìdúró. Ìṣòro àárín fíìmù mi rí báyìí. Títí di nǹkan bí ojú ìwé márùnléláàádọ́ta, ìyá yìí ló ń gbé ìtàn lọ. Ó ń jí, ó ń ra ẹja, ó ń yan án, ó ń bá oníbàárà jà, ó ń fura sí ọmọ rẹ̀, ó ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó mọ òtítọ́. Láti ojú ìwé tí ó ti mọ̀ ọ́n ni ó ti dúró. Ọmọ ni ó wá ń ṣe gbogbo nǹkan: òun ló ń sáré, òun ló ń purọ́, òun ló ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá ń wò. Kì í ṣòro láti rí irú àìsàn yìí bí ènìyàn bá mọ ibi tí yóò wò. Mú bírò pupa, kọ orúkọ ẹni tí ó ń fẹ́ nǹkan sí etí ìran kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹni tó jẹ́ pé bí kò bá fẹ́ ohun tí ó fẹ́, ìran náà kò ní ṣẹlẹ̀. Nínú ìwé tèmi, orúkọ ìyá kún ìdajì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà orúkọ ọmọ ló tò lọ fún bí ojú ìwé márùndínlọ́gbọ̀n.

Mo mọ ohun tó fà á, mo sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà, nítorí ẹni tó mọ ìdí àìsàn ni a lè bá wá oògùn. Ìyá yìí ní ìrántí. Ìrántí kò ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lórí sinimá. Bí a bá ya obìnrin tó jókòó tí ó ń rántí, obìnrin tó jókòó ni àwọn òǹwòran yóò rí. Fíìmù tó bá dá lórí ìwà ìkà tó ti kọjá máa ń sọ ẹni tí wọ́n hu ìwà náà sí di ẹlẹ́rìí, àánú rẹ̀ a sì ṣeni, ṣùgbọ́n kò ní ṣe nǹkan kan mọ́. Èmi kò fẹ́ kí àánú ìyá yìí ṣe ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí wọ́n máa bẹ̀rù ohun tí ó lè ṣe.

Nítorí náà mo kọ ọ́ lọ́nà tí kò ruju: "Mi ò tí ì mọ ohun tí ìyá yìí ṣe nígbà tí ó mọ̀." Mo wá to ohun mẹ́ta tí ó ṣeé ṣe. Ó lè lọ sọ fún àwọn apẹja, ṣùgbọ́n ìyẹn ni kí ó fa ọmọ rẹ̀ lé àwọn tí inú ń bí lọ́wọ́. Ó lè bá ọmọ rẹ̀ ní gbólóhùn asọ̀ ńlá kan, èyí tí gbogbo òṣèré yóò fẹ́ràn láti ṣe, ṣùgbọ́n ó ti pọ̀ jù nínú eré Yorùbá, òǹwòran yóò sì ti mọ ibi tí yóò parí sí kí ẹnu rẹ̀ tó ṣí. Ó lè dákẹ́, kí ó sì gba owó tí ọmọ bá mú wá, kí ó fi tún ilé ṣe. Ìkẹta yìí ni ó bà mí lẹ́rù jù, nítorí mo mọ ènìyàn rere tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òun ló ṣe, gbogbo ìran tó ṣáájú ni yóò yí padà, ilẹ̀kùn inú pálọ̀ pàápàá kò ní jẹ́ ohun kan náà mọ́. Irú ìpinnu yìí kì í ṣe iṣẹ́ alẹ́ méjì láàrin iṣẹ́ ìpolówó ọjà tí mo fi ń jẹun.

Ohun kejì tí mo béèrè ìrànlọ́wọ́ lé lórí ni ìró. Mi ò ní tún Maroko kọ́. Kò sí owó rẹ̀, ibi tí ó sì wà ti kún fún ilé. Ìpinnu mi ni pé 1990 kò ní hàn nínú fíìmù yìí rárá, etí ni a ó fi gbọ́ ọ: ohùn akéde lórí rédíò tó ń ka ọjọ́ méje, ìró sukudiráífà lára ìdè ilẹ̀kùn, ẹ́ńjìnnì katapílà láti ọ̀nà jíjìn tí yóò wá dàpọ̀ mọ́ ìró ẹ́ńjìnnì tí ń fa yanrìn láti inú ọ̀sà lónìí, títí tí òǹwòran kò fi ní mọ ọdún tí ó wà. Bí ìgbà àtijọ́ ṣe máa ń gbówó lérí kì í ṣe ìṣòro tuntun. Nínú My Father's Shadow, tí Akinola Davies darí, tí òun àti Wale Davies ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ, ọjọ́ kan ṣoṣo ní Èkó ní àsìkò ìdìbò 1993 ni wọ́n dì mọ́. Ní 2025 ni ó di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ inú àwọn tí Cannes fúnra rẹ̀ yàn. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń ya ìgbà àtijọ́ gbọ́dọ̀ yan ohun tí kò ní fi hàn. Ohun tí mo yàn ni mo kọ sínú lẹ́tà, mo sì sọ ọ́ pé mo fẹ́ jókòó pẹ̀lú ẹni tó mọ iṣẹ́ ìró kí ìwé eré tó parí, nítorí bí a bá fi ìró sílẹ̀ di ìgbà àtúntò, ìran tí kò láyè fún un ni a ó ti yà.

Ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí ti wo fíìmù ju èmi lọ. Yóò ti rí This Is Not a Burial, It's a Resurrection, tí Lemohang Jeremiah Mosese láti Lesotho ṣe pẹ̀lú Biennale College ní 2019, nípa opó àgbàlagbà kan tó kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ fi omi ìdídò bo abúlé rẹ̀ àti itẹ́ òkú rẹ̀. Ó tún lè ti rí The Legend of the Vagabond Queen of Lagos, tí àwọn Agbajowo Collective gbé lọ sí àjọ̀dún Toronto ní 2024. Àwọn olùgbé etíkun Èkó tí wọ́n mọ ohun tí lílé-kúrò-nílé jẹ́ wà lára àwọn tó ṣe é, ọ̀dọ́bìnrin kan tó rí owó ẹ̀jẹ̀ ni ó sì dá lé. Bí mo bá ṣe bí ẹni pé mi ò mọ àwọn fíìmù yìí, wọ́n á rò pé mi ò kàwé. Bí mo bá fi ara mi wé wọn, mo ti sọ tèmi di kékeré. Ohun tí mo ṣe ni pé mo sọ ibi tí ọ̀nà wa ti yà. Opó Mosese mọ ọ̀tá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdídò ni àti àwọn tó fẹ́ kọ́ ọ. Ìyá tèmi ni ó bí ọ̀tá rẹ̀, ó sì ń gbé oúnjẹ fún un lálaalẹ́. Ìpínrọ̀ kan ti tó fún èyí, gbólóhùn mẹ́rin péré.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tí gbogbo wọn máa ń béèrè: kí ló dé tí ó fi jẹ́ ìwọ? Ibí ni mo ti ń rí ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù nínú lẹ́tà àwọn àbúrò mi. Wọ́n á kọ ọ́ pé àwọn fẹ́ jẹ́ ohùn fún àwọn tí kò ní ohùn. Àwọn ìyá Ilasan ní ohùn. Ẹ lọ bá wọn ra ẹja kí ẹ gbọ́. Wọ́n pe ẹjọ́, wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn, wọ́n sì ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó. Ohun tí wọ́n nílò lọ́dọ̀ onífíìmù ni pé kí ó má purọ́ mọ́ wọn. Mo kọ ọ́ pé Ajah ni mò ń gbé, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń pè ní Abraham Adesanya, pé orí ilẹ̀ tí wọ́n da yanrìn sí ni ilé tí mo rẹ́ǹtì wà, àti pé ní oṣù Keje, nígbà tí òjò bá ṣú, omi máa ń padà wá sí ojú títì wa bí ẹni tó ń béèrè àyè rẹ̀. Èmi náà ti san owó fún irú èjẹ́ńtì tí mò ń kọ nípa rẹ̀. Mi ò dúró ní ìta ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́tà mi kò sì gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé mo dúró ní ìta.

Mo tún sọ bí mo ṣe rí ohun tí mo mọ̀. Mo ti ń lọ sí Ilasan fún ọdún bíi mélòó kan, mo ń jókòó ti àwọn àgbà, wọ́n ń sọ ìtàn fún mi. Kò sí ẹyọ ìtàn ẹnì kan tí mo gbé wọ inú fíìmù bó ṣe rí, orúkọ ẹnikẹ́ni kò sì sí nínú rẹ̀. Èyí tí mo bá fẹ́ lò, mo máa ń padà lọ kà á fún ẹni tó ni ín. Nyoni ṣe irú iṣẹ́ yìí kí ó tó kọ fíìmù rẹ̀: ó lọ gbé ní ibùdó àwọn obìnrin tí wọ́n pè ní àjẹ́ ní Ghana. Àwọn aṣàyàn mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹni tó jókòó ti ènìyàn àti ẹni tó ka ìròyìn, ìyàtọ̀ náà sì máa ń hàn nínú nǹkan kékeré, irú bíi mímọ̀ pé férémù fúláàtì ìjọba kéré sí ilẹ̀kùn tí káfíńtà kàn fún ilé ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí n sọ nípa ẹkún. Maroko jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹkún, Otodo Gbame tí wọ́n lé àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò láàrin 2016 sí 2017 jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹkún, ó sì rọrùn kí lẹ́tà di ẹkún láti òkè dé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo fi ìṣẹ̀lẹ̀ Maroko sí gbólóhùn méjì, pẹ̀lú ọdún rẹ̀ àti iye ọjọ́ tí wọ́n fún wọn. Ọjọ́ méje náà ń sọ tirẹ̀ láìjẹ́ pé mo fi ọ̀rọ̀ ìbínú kankan kún un.

Ètò bí mo ṣe fẹ́ lo àkókò náà kúrú. Oṣù àkọ́kọ́, mi ò ní kọ ìran kankan, ìtàn ìyá yìí láti 1990 dé òní ni mo fẹ́ kọ jáde gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí a ń kà, kí n lè mọ ohun tí ó fi pamọ́ fún ọmọ rẹ̀. Oṣù kejì àti ìkẹta jẹ́ ti ìdajì kejì ìwé eré. Ìyókù jẹ́ ti ìró, àti ti kíka gbogbo rẹ̀ sókè fún àwọn ẹlẹgbẹ́ láti ilẹ̀ mìíràn, kí n lè mọ ibi tí ẹni tí kò mọ Lekki ti sọ ọ̀nà nù. Ní ti owó, mo sọ ọ́ pé olùgbéjáde kan wà nílùú Èkó tó ti fọwọ́ síwèé, pé kò tí ì sí owó yíyà, mo sì dákẹ́ síbẹ̀. Rẹ́sídẹ́ńsì ìkọ̀wé kò ní owó yíyà láti fúnni, ẹni tó bá sì ń fi lẹ́tà yìí tọrọ rẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn ilé ẹlòmíràn.

Ẹnì kan bi mí pé kí ló dé tí mo fi fẹ́ lọ sí Paris kí n tó lè kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ilasan. Ìbéèrè gidi ni. Ní Oniru níbí, ní agbègbè ibi tí Maroko wà, ibùdó G.A.S. tí ayàwòrán Yinka Shonibare dá sílẹ̀ ti ń gba àwọn ayàwòrán àti olùwádìí láti 2022, wọ́n ń ti òkè òkun wá síbẹ̀ láti wá ṣiṣẹ́. Ibí ni mo ti ṣe ìwádìí mi, ibí ni mo sì ti fẹ́ ya fíìmù náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá wà ní Ajah, ọ̀wọ̀ àwọn ìyá tí mo jókòó tì máa ń di ọwọ́ mi mú. Bí mo bá fẹ́ kọ ọ́ pé ìyá yìí gba owó náà, ojú wọn ni mo ń rí. Mo nílò ibi tí mo ti lè kọ ọ́ kí n tó padà wá kà á níwájú wọn. Èyí náà wà nínú lẹ́tà, nítorí òun ni ìdí tí mo fi fẹ́ kúrò nílé.

Ní ọjọ́ tí mo ka ohun mẹ́ta tí ìyá lè ṣe fún àwọn àgbà kan ní Ilasan, ọ̀kan nínú wọn gbọ́ ọ tán, ó mi orí. Mo ní, "Mà, èwo ni ẹ̀yin ì bá ṣe?"

Ó ní, "Kò sí èyí tí màá ṣe níbẹ̀. Mi ò ní bá ọmọ mi sọ̀rọ̀, mi ò sì ní sọ fún Ègùn kankan. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ yẹn ni màá lọ bá. Màá wọ aṣọ mi tó dáa, màá ní kí ó wá wo bí wọ́n ṣe ń gbé lórí ohun tí ó fẹ́ rà."

Mo padà sílé, mo yọ ọ̀nà kejì kúrò nínú lẹ́tà, ìjà ńlá láàrin ìyá àti ọmọ, mo sì fi èyí rọ́pò rẹ̀. Ó ti tún ìpínrọ̀ kẹta ṣe ju gbogbo ohun tí mo ti kọ síbẹ̀ lọ, nítorí obìnrin kan tún ti wà nínú rẹ̀ tó ń fẹ́ nǹkan, tó sì ń gbé ẹsẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ìyá náà wọ aṣọ, ó bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Maruwa ní Ajah, ó sì ń lọ sí ọ́fíìsì ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò mọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo kọ gbólóhùn tó kù, èyí tí mo fẹ́ gbé lọ sí ibikíbi tí wọ́n bá ti fún mi ní yàrá: mi ò tí ì mọ ohun tí ọkùnrin náà dá a lóhùn.